Ìpàdé Sátidé tí àwọn kan wá ní Fráídè

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa ní apá Yàgbà. Láti alẹ́ Wẹ́sídeè la ti fi gbohùngbohùn orí mọ́tò kéde pé ìpàdé máa wà ‘ní ọjọ́ mẹ́ta sí òní, ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago mẹ́wàá òwúrọ̀’. A tún un gbé jáde ní àárọ̀ Tọ́sìdé, a sì san owó fún rédíò. Àwọn àgbà kan wá ní Fráídè, wọn ò bá ẹnì kankan. Àwọn kan wá ní Sátidé, aago mẹ́ta ọ̀sán. Àwọn ọ̀dọ́ kan ní Sọ́ńdè làwọn gbọ́. A fẹ́ tún ìpàdé náà pè ní Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Nọ̀fẹ́ńbà. Báwo la ṣe máa kọ ọ́ tí kò fi ní rí báyìí mọ́?”

Akọ̀wé wa, mo ti gbọ́ ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Mo gbọ́ ọ lórí fóònù, lẹ́yìn náà mo gbé e sí họ́ọ̀nù àtijọ́ kan, irú gbohùngbohùn tí ẹ gbé sórí mọ́tò yẹn, tó wà nílé mi ní Kàbà, mo ní kí ọmọ mi lọ dúró sí ìsàlẹ̀ àdúgbò kó wá sọ ohun tó gbọ́. Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi ka ìkéde, lórí rédíò àti lórí mọ́tò, láti orí òkú títí dé orí abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé kò sí ẹnì kankan nínú àwọn èèyàn wọ̀nyẹn tó gbọ́ òdì. Àwọn àgbà tó wá ní Fráídè gbọ́ Fráídè. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń retí Sọ́ńdè gbọ́ Sọ́ńdè. Ẹnu yín ni gbogbo rẹ̀ ti jáde, láì jẹ́ pé ẹ mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ti àwọn àgbà. Nínú ìṣírò tí wọ́n bá dàgbà, òní fúnra rẹ̀ ni ọjọ́ kìíní. Ọmọ tí wọ́n bí ní Sọ́ńdè, Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e la ń sọ ọ́ lórúkọ, ọjọ́ kẹjọ la sì ń pè é. Ẹni tó bá fi ìka ka alẹ́ tó wà láàárín á rí méje péré, ṣùgbọ́n a ti ka ọjọ́ ìbí mọ́ ọn. Ọjà tí à ń pè ní ọrún, ọjọ́ mẹ́rin ló ń yí po, síbẹ̀ márùn-ún la ń kà nítorí pé ọjọ́ ọjà tó kọjá wà nínú rẹ̀. Ìjẹta náà rí bẹ́ẹ̀: ọjọ́ tó ṣáájú àná ni, ẹ̀ta ló sì wà nínú orúkọ rẹ̀, torí pé òní, àná àti òun fúnra rẹ̀ ló di mẹ́ta. Nítorí náà, nígbà tí ẹ sọ ní alẹ́ Wẹ́sídeè pé “ọjọ́ mẹ́ta sí òní”, bàbá tó jókòó sí ìta ilé rẹ̀ ka Wẹ́sídeè, ó ka Tọ́sìdé, ó ka Fráídè, ó sì dìde ní Fráídè. Ẹ̀yin tí ẹ lọ iléèwé, ọ̀la lẹ ti bẹ̀rẹ̀ kíkà, ìyẹn ló gbé yín dé Sátidé.

Ní àárọ̀ Tọ́sìdé, ohùn kan náà lẹ tún gbé jáde. Ní ọjọ́ yẹn, àgbà tó bá gbọ́ ọ ka Tọ́sìdé, Fráídè, Sátidé, ó sì bọ́ sí ibi tó tọ́. Ọ̀dọ́ tó bá gbọ́ ọ ka Fráídè, Sátidé, Sọ́ńdè, ó sì sùn ní Sátidé. Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè, ẹ óò rí i pé àwọn àgbà tó wá ní Fráídè ni àwọn tó gbọ́ ti Wẹ́sídeè, àwọn ọ̀dọ́ Sọ́ńdè sì ni àwọn tó gbọ́ ti Tọ́sìdé. Orúkọ ọjọ́ náà, Àbámẹ́ta, wà nínú ìkéde yẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n iye ọjọ́ lẹ kọ́kọ́ sọ. Ẹni tó ti ka ọjọ́ rẹ̀ tán kò tún ń tẹ́tí sí ohun tó tẹ̀lé e.

Irú nǹkan báyìí ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà rí, ó sì dùn mí títí di òní. Ìlú kan ní Ìjùmú ní kí n bá àwọn ka ìkéde ìpàdé. Ọjọ́rú ni mo kà á sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ rédíò kan, mo sì sọ pé “ọ̀la, ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin”. Àwọn tó ń gbé ètò sáfẹ́fẹ́ kò rí àyè fún un títí di alẹ́ Ọjọ́bọ̀, wọ́n sì tún un gbé jáde ní àárọ̀ Ẹtì nítorí pé owó ìgbà méjì ni wọ́n ti gbà. Àwọn ìyá kan gun mọ́tò láti oko wá sí ìpàdé tó ti parí. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ kan tó bá ń yí padà bí ilẹ̀ bá mọ́ kò wọ inú ohùn tí mo bá gbà sílẹ̀ mọ́: kò sí òní, kò sí ọ̀la, kò sí ọ̀túnla, kò sí ọjọ́ mẹ́ta sí òní, kò sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. “Sátidé tó ń bọ̀” pàápàá kò ṣeé gbára lé. Bí ẹ bá sọ ọ́ ní Tọ́sìdé, ìdajì àwọn èèyàn á mú Sátidé tó kù ọ̀túnla, ìdajì á ní ìyẹn ni “Sátidé yìí”, pé tó ń bọ̀ ni ti ọ̀sẹ̀ kejì. Ìgbà kan ṣoṣo ni mo máa ń sọ “lónìí”, ìyẹn ni àárọ̀ ọjọ́ ìpàdé gan-an, tí mo bá ń fi ẹnu ara mi sọ ọ́, tí kò sí ẹ̀rọ tó máa tún un sọ lẹ́yìn mi.

Ní ti àwọn tó wá ní aago mẹ́ta, họ́ọ̀nù ló ni ẹjọ́ ìyẹn. Họ́ọ̀nù orí mọ́tò kì í gbé gbogbo ohùn èèyàn jáde. Àárín ohùn ló ń tì síta, kó lè dé ọ̀nà jíjìn. Ohùn tó wúwo nísàlẹ̀ kì í jáde, bẹ́ẹ̀ ni ariwo tín-ín-rín tó wà lókè pátápátá. Inú ariwo tín-ín-rín yẹn ni f àti s ń gbé, t náà sì ní ìpín níbẹ̀. Nítorí náà, bí ẹni tó gbọ́ ọ bá jìnnà díẹ̀, àwọn lẹ́tà yìí á ti yọ́, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ nìkan ló máa kù, bí ẹni ń gbọ́ ìlù gángan láti ìlú kejì. Ẹ wá wo ohun tí ẹ kà: “ọjọ́ mẹ́ta sí òní, ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago mẹ́wàá”. Mẹ́ta wà níbẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì, ìkejì sì wà ní ẹ̀gbẹ́ aago tímọ́tímọ́. Ọmọ mi tí mo rán lọ sí ìsàlẹ̀ àdúgbò wá bá mi, ó ní, “Bàbá, wọ́n ní aago mẹ́ta.” Mi ò tíì sọ nǹkan kan fún un nípa àwọn èèyàn yín nígbà yẹn.

Ẹ lè ní kẹ́ ẹ wá yan wákàtí tí kò jọ òmíràn. Èmi náà ti gbìyànjú ẹ̀ rí. Ẹ fi ẹnu yín kùn ún láìla ẹnu, ẹ ó rí i. Mẹ́ta, mẹ́rin, méje àti mẹ́jọ, orin kan náà ni wọ́n ń kọ. Méjì àti mẹ́fà jọ ara wọn. Márùn-ún, mẹ́sàn-án, mẹ́wàá, mọ́kànlá àti méjìlá náà bá ara wọn mu. Aago kan nìkan ló dá dúró láàárín wọn, a kò sì lè máa pe gbogbo ìpàdé ìlú sí aago kan ọ̀sán, nígbà tí oòrùn ń jó orí. Ohun tó ń gbà wá ni pé ká má fi nọ́ńbà náà sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹ sọ aago mẹ́wàá, kí ẹ sì so ohun kan mọ́ ọn tí orin rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá: “Mẹ́wàá, iye ìka ọwọ́ méjèèjì.” Ẹni tí kò gbọ́ mẹ́wàá á gbọ́ ìka ọwọ́. Mo máa ń sọ “ìyálẹ̀ta” náà, torí pé àgbà tí kò ní aago lọ́wọ́ mọ ìgbà tí ìyálẹ̀ta ń jẹ́, kò sì lè gbé e lọ sí ọ̀sán. Ohun tí mi ò ní fẹ́ ni kí ẹ sọ pé “mẹ́wàá, kì í ṣe mẹ́sàn-án”. Ẹ ti ju mẹ́sàn-án sí etí wọn nìyẹn, òun ni àwọn kan á sì gbé lọ sílé.

Bí ìpàdé bá máa bẹ̀rẹ̀ ní ààbọ̀, ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe lo “ku”, bíi “aago mọ́kànlá ku ọgbọ̀n ìṣẹ́jú”, torí bí afẹ́fẹ́ bá gbé “ku” lọ, èèyàn á pẹ́ dé. Aago mẹ́wàá ààbọ̀ tí afẹ́fẹ́ bá gbé ààbọ̀ rẹ̀ lọ, aago mẹ́wàá ló kù, èèyàn á kàn dé ṣáájú díẹ̀. Ohun kan tó tún yẹ kí ẹ ṣọ́ ni ọjọ́ inú oṣù. Lórí họ́ọ̀nù, kẹrìnlá, kẹtàlá àti kejìlá kò yàtọ̀ síra rárá. Ní orí mọ́tò, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ di orúkọ ọjọ́ mú. Ní rédíò, níbi tí lẹ́tà ti ń jáde dáadáa, ẹ sọ méjèèjì pọ̀, kí ẹni tó bá ṣi ọ̀kan gbọ́ lè fi ìkejì yẹ̀ ẹ́ wò lórí kàlẹ́ńdà. Mo ti wo kàlẹ́ńdà 2026 fún yín: ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Nọ̀fẹ́ńbà bọ́ sí Sátidé lóòótọ́. Ẹ máa wò ó nígbà gbogbo, torí mo ti rí ìkéde tí ọjọ́ àti orúkọ ọjọ́ rẹ̀ kò bá ara wọn mu, tí ìlú sì pín sí méjì lórí rẹ̀.

Èwo ni ká wá pe ọjọ́ náà, Àbámẹ́ta tàbí Sátidé? Mo fẹ́ràn Àbámẹ́ta, òun ni mo fi ẹnu mi kà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta wà nínú rẹ̀ fún ẹni tí kò bá gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ yín kò sì mọ̀ ọ́n mọ́. Sátidé náà ní àrùn tirẹ̀, torí Tọ́sìdé jọ ọ́ lẹ́nu họ́ọ̀nù. Ẹ so wọ́n pọ̀: “Àbámẹ́ta, Sátidé.” Ẹ jẹ́ kí Sátidé wà lẹ́yìn, kó lè bọ́ sí àárín mẹ́ta àti aago. Bí ìlú yín bá sì ń ná ọjà ọrún, ẹ kà á wò bóyá ọjọ́ ìpàdé bọ́ sí ọjọ́ ọjà tàbí ọjọ́ kejì rẹ̀. Bí ó bá bọ́ sí ọjọ́ ọjà, ẹ gbé ìpàdé kúrò, kò sí ìkéde tó lè gba obìnrin kan kúrò nídìí igbá rẹ̀. Bí ó bá bọ́ sí ọjọ́ kejì ọjà, ẹ ti rí àmì tó dára jù lọ fún àwọn àgbà nìyẹn: “ọjọ́ kejì ọjà” kì í ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò fúnra rẹ̀ wá kù. Ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀ gba ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀. Ẹ kí Ọba, ẹ kí àwọn ìjòyè, ẹ kí àwọn ọmọ ìlú nílé lóko, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kí ẹ tó dé orí ọjọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Mọ́tò tó ń sáré 20 kìlómítà ní wákàtí kan ń rin mítà márùn-ún àti ààbọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí ohùn họ́ọ̀nù bá ń yé èèyàn dáadáa láti 100 mítà kí mọ́tò tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ títí di 100 mítà lẹ́yìn tó kọjá, 200 mítà nìyẹn, kò sì ju ìṣẹ́jú àáyá 36 lọ. Bí dírẹ́bà bá tẹ̀ ẹ́ dé 40, ó di 18. Ẹni tó jókòó sí iwájú ilé rẹ̀ nígbà tí ẹ dé ibi “àwọn ìjòyè wa” kò ní gbọ́ ọjọ́ ìpàdé láéláé. Mọ́tò á ti dé ọ̀nà ọjà kí ẹ tó sọ ọ́. Nítorí náà, ìkéde orí mọ́tò kò gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 15 sí 17 lọ, kí ẹnikẹ́ni tó bá wà lójú ọ̀nà lè gbọ́ ọ lódindi ní ẹ̀ẹ̀kan, ó kéré tán, kó tó lọ tán. Ní ìwọ̀n tí mo fi ń kà á sí họ́ọ̀nù, ọ̀rọ̀ méjì ni ìṣẹ́jú àáyá kan, ọgbọ̀n ọ̀rọ̀ péré nìyẹn. Ìkíni ò lè wọ inú rẹ̀. Mo mọ̀ pé yóò dun àwọn kan pé ẹ kò kí Ọba. Ẹ lọ bá a ní ààfin ṣáájú, ẹ jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu yín, kí ẹ sì pa ìkíni mọ́ fún ìpàdé.

Bí agbára bá wà, ẹ má tilẹ̀ máa sọ̀rọ̀ bí mọ́tò bá ń rìn. Ẹ dúró ní oríta, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ ka ìkéde ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ rìn díẹ̀ síwájú, ẹ tún dúró. Ẹ kọ ẹnu họ́ọ̀nù sí ojú títì, kì í ṣe sójú ọ̀run. Lọ́dọ̀ wa tí òkè àpáta yí ìlú ká, ẹ ṣọ́ ohùn tó ń padà bọ̀: ẹ pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kí ẹ sì tẹ́tí. Àpáta tó bá wà ní nǹkan bí 170 mítà á dá a padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá kan, ohùn tó padà yẹn á sì gun orí ọ̀rọ̀ tí ẹ tún ń sọ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ dákẹ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan títí ti òkè fi máa parí tirẹ̀. Ẹ ṣe ìkéde náà ní ìdájí kí àwọn èèyàn tó gba oko lọ, àti lẹ́yìn tí wọ́n bá ti oko dé. Àwọn akéde àtijọ́ mọ ìdí tí wọ́n fi ń lu agogo lálẹ́. Yàtọ̀ sí pé èèyàn wà nílé, afẹ́fẹ́ tó tutù lẹ́bàá ilẹ̀ máa ń tẹ ohùn mọ́lẹ̀ kó lè lọ jìnnà. Bí oòrùn bá ti mú ilẹ̀ gbóná, ohùn kan náà á fò lọ sókè.

Báyìí ni màá kà á bó bá jẹ́ èmi: “Ìpàdé ìlú! Ìpàdé ìlú! Àbámẹ́ta, Sátidé ni. Sátidé. Aago mẹ́wàá ìyálẹ̀ta. Mẹ́wàá, iye ìka ọwọ́ méjèèjì. Iwájú ààfin. Ìpàdé ìlú: Sátidé, aago mẹ́wàá ìyálẹ̀ta, iwájú ààfin.” Ẹ rí i pé kò sí ohun tí a fẹ́ ṣe nínú rẹ̀, kò sí orúkọ alága. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ á bi aládùúgbò rẹ̀, ìbéèrè yẹn fúnra rẹ̀ á sì tún ìkéde náà sọ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ máa pe Sátidé gùn díẹ̀, ẹ má sáré kọjá lórí rẹ̀ bí ẹni ń ka orúkọ nínú ìwé. Kí ìkéde tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé ẹnu yín jìnnà sí máíkì ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Ẹni tó bá ti gbé máíkì lé eyín, ariwo ló ń pa, kò sí lẹ́tà tó máa jáde.

Àkókò gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ ní rédíò, ṣùgbọ́n ìṣòro míì ló wà níbẹ̀. Ẹni tó ń gbọ́ rédíò ń bó ẹ̀gẹ́, ó ń tún ọmọ ṣe, àárín ìkéde òkú àti ìpolówó ni tiyín sì wà. Ohun àkọ́kọ́ tó máa jẹ́ kó gbé orí sókè ni orúkọ ìlú rẹ̀. Òun ni kó ṣáájú, kó sì pé, nítorí ìlú tó ń jẹ́ orúkọ kan náà pọ̀ ní ilẹ̀ Okun. Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀ wà ní Ìjùmú, Ayétòrò Kírí wà ní Búnú. Bí ẹ bá sọ pé “àwọn ọmọ Ayétòrò” lórí afẹ́fẹ́ Lọ́kọ́ja, ìlú méjì lẹ pè. Ọjọ́ àti aago ni kó wá gbẹ̀yìn, ẹ̀ẹ̀mejì, nítorí ẹni tó gbé orí sókè nígbà tó gbọ́ orúkọ ìlú rẹ̀ kò tíì tẹ́tí dáadáa sí ohun tó kọ́kọ́ tẹ̀lé e. Fún ìṣẹ́jú àáyá 30, mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ bíi 60 sí 70. Níbi tí mo bá ti pe “ìlú wa”, ẹ fi orúkọ ìlú yín síbẹ̀: “Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa ní Yàgbà, ẹ gbọ́ o. Ìpàdé ìdàgbàsókè ìlú ń bọ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Nọ̀fẹ́ńbà ni. Aago mẹ́wàá àárọ̀ la ó bẹ̀rẹ̀, ní iwájú ààfin. Ọ̀rọ̀ omi ìlú la fẹ́ yanjú. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Nọ̀fẹ́ńbà, aago mẹ́wàá àárọ̀, iwájú ààfin. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú ló ní ká sọ ọ́.” Bí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ omi lẹ fẹ́ sọ, ẹ fi tiyín sí i, gbólóhùn kan péré.

Nínú ìwé tí ẹ máa gbé lọ sí rédíò, ẹ kọ gbogbo nọ́ńbà ní ọ̀rọ̀. Ẹni tó máa kà á lè má jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa, ó lè sì rí i ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kó tó kà á. Bí ẹ bá kọ 14/11, á dúró láti rò ó, ibi tó bá ti ń rò lèèyàn ti ń ṣìnà. Ẹ fi àmì ohùn sórí orúkọ ìlú yín. Ẹ tún kọ ọjọ́ tí wọ́n máa gbé e sáfẹ́fẹ́ sí òkè ìwé náà, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ dá a dúró. Èyí tí mo ṣìṣe lé lórí ní Ìjùmú, bí ẹnikẹ́ni bá ti kọ “ẹ má gbé e jáde mọ́ lẹ́yìn aago mẹ́rin Ọjọ́bọ̀” sókè rẹ̀, àwọn ìyá wọ̀nyẹn ì bá má gun mọ́tò.

Kí ẹ tó san owó kan, ẹ bi èèyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà ní ìlú yín léèrè irú rédíò tí wọ́n ń gbọ́. Ìgbì FM kì í fẹ́ gba orí òkè kọjá, ìlú tó wà lẹ́yìn òkè lè má gbọ́ Lọ́kọ́ja rárá, kó sì máa gbọ́ Ìlọrin tàbí Èkìtì ketekete. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn ọmọ yín tó wà ní Kàbà àti Lọ́kọ́ja lẹ fẹ́ fi rédíò pè, owó yín kò ṣòfò. Bí ó bá jẹ́ àwọn tó wà nílé ni, ẹ lè fi owó yẹn ra epo sí mọ́tò fún ọjọ́ méjì sí i.

Àwọn kan á béèrè bóyá ká fi èdè ilé kà á tàbí Yorùbá gbogbogbòò. Lórí mọ́tò nínú ìlú, èdè ilé ni kí ẹ fi kà á, ohùn ẹni tí wọ́n mọ̀ sì ni kó jẹ́. Èèyàn á tètè gba ọmọ ilé gbọ́ ju àlejò lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ àwọn àlejò tó ń dáko lọ́dọ̀ yín, Ẹ̀bìrà, Fúlàní àti àwọn míì, bí ìpàdé náà bá kàn wọ́n. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó gbọ́ èdè wọn kà á ní ibùdó wọn. Ẹ má kà á tẹ̀lé ti Yorùbá nínú ohùn kan náà lórí mọ́tò tó ń rìn, torí èdè méjì nínú ìṣẹ́jú àáyá 36, kò sí èyí tó máa dé lódindi.

Kò sí ìkéde tó lè mú kí gbogbo èèyàn dé ní aago mẹ́wàá gan-an. Ìyẹn kọjá agbára mi. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń kéde aago mẹ́sàn-án kí wọ́n lè rí èèyàn ní mẹ́wàá. Mo ti bá ìlú tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́: lẹ́yìn ìpàdé mélòó kan, gbogbo ìlú ti mọ̀, wọ́n wá ń fi wákàtí méjì kún un. Àwọn tó tètè dé, tí wọ́n ń jókòó sí oòrùn, ni àwọn tó kọ́kọ́ dẹ́kun àtiwá. Aago tí ẹ bá máa bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ kéde, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iye tó bá wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ àdúrà àti kíka ohun tí ẹ sọ ní ìpàdé tó kọjá lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ Tọ́sìdé, ọjọ́ kejìlá, lẹ́yìn yíká àkọ́kọ́, ẹ má lọ sílé. Ẹ yan èèyàn mẹ́ta: ìyá àgbà kan ní ìpẹ̀kun ìlú, ọ̀dọ́ kan tó wà nídìí iṣẹ́ tó ń pariwo, bí ẹni tó ń lọ ata tàbí ẹni tó ń jó irin, àti ọmọ kékeré kan ní ilé tó sún mọ́ òkè jù lọ. Ẹ má sọ ọjọ́ fún wọn. Ẹ kàn bi wọ́n pé, “Ìgbà wo ni wọ́n ní ìpàdé?” Ẹ jẹ́ kí wọ́n dáhùn tán. Bí ìyá àgbà bá sọ ọjọ́ míì, orúkọ ọjọ́ lẹ máa tún ṣe. Bí ọ̀dọ́ ibi ariwo bá ṣi aago gbọ́, ìka ọwọ́ ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ dúró pẹ́ díẹ̀ sí i kí ẹ tó sọ ọ́. Bí ọmọ ẹ̀bá òkè bá ní òun gbọ́ ariwo lásán, ẹ yí ẹnu họ́ọ̀nù kúrò lára àpáta ní ìdájí Fráídè, kí ẹ sì padà lọ bi í.